Kí ẹ tó pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù lólè, ẹ yẹ iye ìbẹ̀rẹ̀ wò

Ní ọ̀nà tó gba Ìyànà Ìyẹsí lọ sí Ìdí-Ìrókò, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí à ń pè ní kékeré ti ń ra sọ́fítíwíà tó ń ka ọjà. Kò yà wá lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta indómì, mílíìkì, ọṣẹ àti tòmátò alágolo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lè ní igba oríṣi ọjà lórí pẹpẹ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi orí nìkan mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà á ní ọjà báyìí ló yẹ kó wà nílẹ̀, wọ́n á kà á, kò ní pé, ojú gbogbo á sì yí sí ọmọ tó ń tajà. Lójú tiwa, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú yí sí ni iye ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn iye ọjà àti iye owó tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìwé.

Ẹ gbọ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan tí a mọ̀. Lóṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní ó yẹ kí indómì kù 540 ẹyọ. Wọ́n kà á, ó jẹ́ 512. Ẹyọ 28 kò sí, ₦250 ni wọ́n sì ń ta ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni màdáámù ṣe yọ ₦7,000 lára owó oṣù ọmọ náà. Ọmọ náà sunkún, ó búra, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan nínú wa bèèrè fún bébà tí wọ́n fi ka ọjà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni “páálí 31.” Páálí kan ní 40 ẹyọ nínú, kọ̀ǹpútà sì gbà á sí 1,240. Ṣùgbọ́n páálí 30 péré ni kò tíì ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti ṣí ìkọkànlélọ́gbọ̀n, 12 ló kù nínú rẹ̀. Iye tó wà nílẹ̀ gan-an jẹ́ 30 lọ́nà 40, ká fi 12 kún un, ó di 1,212. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1,240, ẹ ó rí 28 yín níbẹ̀. Wọ́n ra 1,600 kún un lóṣù náà, wọ́n ta 2,300: 1,212 pẹ̀lú 1,600, ká yọ 2,300, ó jẹ́ 512 geere. Ọmọ náà kò mú ẹyọ kan.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè fura sí irú èyí láìrí bébà kankan. Àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ kì í dàgbà. Bí ẹ bá ka indómì náà lọ́jọ́ kẹta tí ẹyọ 28 kò sí, tí ẹ tún kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣì jẹ́ 28, tí ẹ kà á níparí oṣù tí kò kúrò ní 28, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti wá a. Ẹni tó ń mú ọjà díẹ̀díẹ̀ kò lè jẹ́ kí iye náà dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bí ẹnì kan bá gbé 28 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni yóò rí, nítorí náà ẹ̀rí yìí nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni láre. Ṣùgbọ́n ó tó láti má ṣe fọwọ́ kan owó oṣù ọmọ ọlọ́mọ kí a tó wádìí. Ìdí rèé tí a fi máa ń ní kí wọ́n mú oríṣi ọjà mẹ́wàá, kí wọ́n tún un kà lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ohun tí wọ́n tà kò tíì pọ̀.

Ẹyọ ni ká máa fi kà, kì í ṣe páálí. Ohun tó kéré jù lọ tí ẹ ń tà fún oníbàárà ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá sọ fún un pé páálí kan jẹ́ 40. Ẹ ronú sí i dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí nínú ERPNext, fún àpẹẹrẹ, bí ẹ bá ti fi ọjà kan ra tàbí tà, kò ní gbà kí ẹ kàn yí òṣùwọ̀n rẹ̀ padà. Bí ẹnì kan bá kọ 31 síbi tí kọ̀ǹpútà ti ń retí ẹyọ, kíá ni yóò hàn: kí ọjọ́ kan tó pé, ọjà náà á ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, kọ̀ǹpútà á máa sọ pé ẹ ta ohun tí ẹ kò ní.

Iye owó ló tún kù, èyí sì máa ń fara pamọ́ ju ti òṣùwọ̀n lọ. Iye tí ẹ ra ọjà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á, kì í sì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á ní Sàngó lónìí. Owó ọkọ̀ wà lára iye tí ẹ rà á. Páálí 20 ni ìyá náà rà ní ₦7,800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì san ₦4,000 láti gbé wọn délé, ìyẹn ₦200 lórí páálí kan. Páálí kan wá di ₦8,000, ẹyọ kan di ₦200. Iye gbogbo indómì tó wà nílẹ̀ jẹ́ 1,212 lọ́nà ₦200, ìyẹn ₦242,400. Ká ní ₦250 tó ń tà á ló kọ síbẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà á ní ₦303,000 ni ọjà náà, títí ọjà àtijọ́ yóò sì fi tán, á máa sọ fún un pé kò jèrè kọ́bọ̀ lórí indómì. A ti rí ẹni tó fẹ́ pa ọjà tó dára tì nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Bí ọjà tó wà nílẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tó wà lórí rìsíìtì ìkẹyìn lọ, ẹ padà sí rìsíìtì tó ṣáájú rẹ̀ fún ìyókù. Èyí tó ti bàjẹ́ díẹ̀, tí ẹ mọ̀ pé ẹ̀dínwó ni ẹ ó fi tà á sábẹ́ iye tí ẹ rà á, iye tó kéré náà ni kí ẹ kọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìṣirò owó àgbáyé tó ń jẹ́ IAS 2 ṣe wí.

Nínú ERPNext, `Stock Reconciliation` ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì yan `Opening Stock` níbi ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí ìlà kan ṣe rí nìyí:

```
Item Code,Warehouse,Quantity,Valuation Rate
INDOMI-40,Soobu - IY,1212,200
```

Ibi tó ti máa ń dàrú jù fún àwọn tí kò kọ́ ìṣirò owó (àwa náà kò kọ́ ọ níléèwé, ẹ̀ka Yorùbá ni wá) ni ìbéèrè yìí: níbo ni ọjà náà ti wá? Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lónìí. Bí wọ́n bá ní owó ọwọ́ ni wọ́n fi rà á, owó inú kọ̀ǹpútà á wọ ìsàlẹ̀ òdo. Bí wọ́n bá ní àwìn ni, kọ̀ǹpútà á sọ pé wọ́n jẹ ẹnì kan lówó tí wọn kò jẹ ẹ́. Owó òkòwò màdáámù ni ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. QuickBooks Online máa ń kó o sínú `Opening Balance Equity` fúnra rẹ̀. ERPNext ń lo `Temporary Opening`.

Àpótí ìgbà díẹ̀ ni àpótí méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù tí à ń sọ, gbogbo ọjà jẹ́ ₦1,860,000, owó ọwọ́ àti ti báńkì jẹ́ ₦310,000, àwọn oníbàárà jẹ wọ́n ní ₦145,000, àwọn náà sì jẹ ẹni tó ń gbé ọjà wá ní ₦420,000. Ẹ kó mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ yọ gbèsè kúrò, ó ku ₦1,895,000. Iye yìí ni owó òkòwò màdáámù. Bí ẹ bá ti gbé e síbi owó òkòwò, àpótí ìgbà díẹ̀ náà gbọ́dọ̀ di òdo. Bí ₦420,000 bá ṣẹ́kù síbẹ̀, gbèsè ni ẹ gbàgbé, ẹ ò sì ní wá a jìnnà.

Nípa ọjọ́ tí ẹ ó kà á, alẹ́ kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ka pẹpẹ kan lálẹ́ Sunday kí ẹ wá ka èkejì lọ́jọ́ Tuesday nígbà tí ọjà ti tà. Ẹ má sì mú ọ̀sẹ̀ Ṣáílò ní oṣù Kejìlá, nígbà tí èrò Canaanland á kún gbogbo ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ráyè ka nǹkan kan. Ọjà tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé, ẹ yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe tiyín mọ́.

Ohun tí a sọ yìí náà ni a fi ń yan sọ́fítíwíà. Àwọn tó ń tà á máa ń fi àwòrán aláràbarà hàn yín, bí èrè ṣe ń gòkè. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ọjà márùn-ún dán an wò níwájú wọn. Ṣé ó gba páálí àti ẹyọ pọ̀? Ṣé ó gba iye tí a rà á àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń fi orúkọ ẹni tó yí iye padà hàn, kí ó má jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo? Ṣé ó ṣì ń tajà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ? Loyverse ń ṣe ti ìkẹyìn yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé ìtajà àti ti ọjà ni, kì í ṣe ìwé owó òkòwò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbèsè àti owó òkòwò pọ̀ gbọ́dọ̀ wá òmíràn tàbí kó fi ìwé mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sì ní ogún oríṣi ọjà péré, ìwé ńlá àti báírò tó o. A ò rí ìdí tí yóò fi máa sanwó lóṣooṣù.

Bébà tí ẹ fi ka ọjà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí màdáámù àti ọmọ tó ń tajà jọ fọwọ́ sí i, kí àwọn méjèèjì yà á sórí fóònù wọn kí wọ́n tó tẹ nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà. Lórí ìlà indómì, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: páálí odindi 30, ẹyọ 12, àpapọ̀ 1,212.