Àkáǹtì àkọ́kọ́ nílùú ọba: kì í ṣe àìyáwó rí ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó fẹ́ lọ kàwé nílùú ọba, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ pé báńkì ibẹ̀ kì í ṣí àkáǹtì fún ẹni tí kò bá tíì yáwó rí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò yẹ ẹ́. Ó sì ń mú kí àwọn ọmọ wa sá fún ohun tí kò lè pa wọ́n, kí wọ́n wá kó sẹ́nu ohun tó lè bà wọ́n láyé jẹ́.

Àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń yáwó àti bó ṣe ń san án nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Experian, Equifax àti TransUnion. BVN tí a ti ń lò nílé láti ọdún 2014 kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lè ti yáwó ní báńkì n'Ìkàrẹ́ fún ogún ọdún, kẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ pé láì jẹ kọ́bọ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òfìfo ni ìwé yín. Kì í ṣe pé ó burú o, òfìfo ni. Ẹni tí ìwé ẹ̀ ṣófo lè má rí fóònù gbà kó máa san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, báńkì sì lè má jẹ́ kó ná kọjá iye tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Ìyẹn yé ni, nítorí gbèsè ni. Àkáǹtì tí èèyàn fẹ́ máa kó owó ara ẹ̀ sí ńkọ́?

Òfin ti dáhùn ìyẹn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2015, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2016, pa á láṣẹ fún àwọn báńkì ńlá mẹ́sàn-án pé kí wọ́n ní irú àkáǹtì kan fún ẹni tó ń gbé ìlú náà lọ́nà tó bófin mu, tí kò sì ní àkáǹtì míì. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sórí ìkànnì wọn ni “basic bank account”. Ó ní káàdì, owó oṣù lè wọlé síbẹ̀, èèyàn sì lè fi san owó iná. Ohun tí kò ní ni gbèsè. Nítorí náà, wọn ò lè tìtorí pé ẹ ò yáwó rí kí wọ́n ní àwọn ò ṣí i. Tí gbogbo ìwé bá ti pé, wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dárúkọ ẹ̀, fọ́ọ̀mù àkáǹtì tó ga ju ìyẹn lọ ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un. Tí ẹ̀rọ bá kọ ìyẹn, ó di “báńkì ò gbà mí.” Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn!

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ẹ̀rí: ta ni yín, níbo lẹ sì ń gbé? Onílé fẹ́ kẹ́ ẹ sanwó láti àkáǹtì, báńkì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú ìwé ilé wá. Fisà náà tún ti yí padà. Káàdì pélébé tí wọ́n ń fún àwọn àlejò tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024. Láti ọjọ́ 15 oṣù Keje 2025, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ kì í rí fisà lẹ̀ mọ́ inú páálì mọ́. Orí ẹ̀rọ ayélujára ló wà, eVisa ni wọ́n ń pè é. Òṣìṣẹ́ báńkì á ṣí páálì, kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó ni fisà ló máa wọlé sórí gov.uk, táá gba “share code” jáde fún wọn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń lò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ti agbanisíṣẹ́ ni. R jẹ́ ti onílé. S ni ti báńkì.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ Òkà kan ṣe àpẹẹrẹ, tó jáde ní yunifásítì Àkùngbá, tó sì ń lọ fún másítà. Olúwabùnmi Adéọlá ló wà nínú páálì ẹ̀, àmọ́ Bùnmi ni ilé ẹ̀kọ́ kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ báńkì, èèyàn méjì ni. Ilé ló ti yẹ kó tún ìyẹn ṣe kó tó wọ bàálù. Tó bá débẹ̀, kó ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà fún báńkì, tó máa ní orúkọ ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ẹ̀ máa parí àti àdírẹ́sì ibi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ orúkọ báńkì gan-an sórí ẹ̀, nítorí náà kó ti mọ báńkì tó fẹ́ lò. Tí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá dé sí, tí kò sí ìwé ilé kankan lórúkọ ẹ̀, àwọn báńkì orí fóònù bíi Monzo àti Starling wà, tó jẹ́ pé páálì àti fídíò ojú èèyàn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ni wọ́n máa fi káàdì ránṣẹ́ sí. Tí èèyàn mẹ́wàá bá jọ ń gbé ilé náà, kó tètè máa yẹ lẹ́tà wò lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tọ́rọ̀ ti le rèé, àwa tá a wà nílé la sì ń dá a sílẹ̀ nígbà míì. Ìyá fẹ́ fi owó ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́. Ó san náírà fún ẹni tó ń ṣe ṣenjì, onítọ̀hún sì ní kí ẹnì kan tó wà lọ́hùn-ún san pọ́n-ùn sí àkáǹtì ọmọ náà. Ta ni ẹni yẹn? Ìyá ò mọ̀ ọ́n, ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ owó tí wọ́n lù ní jìbìtì gbà lọ́wọ́ arúgbó kan ni, àkáǹtì ọmọ ni ọlọ́pàá máa bá a. Bákan náà ni ti ẹni tó bá sọ pé, “Jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn gba àkáǹtì ẹ kọjá, màá fún ẹ ní igba.” Báńkì á ti àkáǹtì pa. Wọ́n tún lè fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn onímàgòmágó tí iléeṣẹ́ Cifas ń tọ́jú, ọdún mẹ́fà ló sì máa lò níbẹ̀. Níbi yìí, òfin 2015 ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, torí ó fún báńkì láyè láti kọ ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń fi àkáǹtì fọ owó ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ náà lè dé kóòtù, níbi tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ gba báńkì tàbí iléeṣẹ́ tó níwèé àṣẹ fowó ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, nítorí báńkì lè béèrè ibi tí owó ti wá.

Ní ti ìwé tó ṣófo yẹn, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, ọmọ wa tó bá ní fisà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó tó ọjọ́ orí ìdìbò, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà lára wọn. Ìwé àwọn olùdìbò yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tá a dárúkọ lókè ń wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ lèèyàn ń gbé ibi tó ní òun ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni. Orí gov.uk/register-to-vote ni fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà.