Ẹ yé pa owó tí oníbàárà san rẹ́

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà àwìn, òpó "Ó ti san" kan ṣoṣo tó wà nínú Excel yín ló ń dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà san 30,000, ẹ kọ ọ́. Ó tún san 20,000, ẹ pa 30,000 rẹ́, ẹ kọ 50,000. Tó bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun san ńkọ́? Kí lẹ máa fi hàn án?

2/ Ṣíìtì mẹ́ta ni tèmi: Oja fún ínfọ́ìsì, Owo fún owó tó wọlé, Gbese fún èyí tó kù. Nínú Oja àti Owo, òpó mẹ́rin ló wà: ọjọ́, nọ́ńbà ínfọ́ìsì, orúkọ, iye. Owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀.

3/ Nínú Gbese, orúkọ wà ní A2, èyí sì wà ní B2:

```
=SUMIFS(Oja!D:D,Oja!C:C,A2)-SUMIFS(Owo!D:D,Owo!C:C,A2)
```

Ó ra ọjà 85,000 àti 40,000. Ó san 30,000, 20,000, 25,000. Ó ku 50,000.

4/ Ẹ máa ní Excel ń parọ́. Rárá o! Àlàfo kan lẹ́yìn orúkọ nínú Owo ti tó kí owó yẹn má hàn, ẹ ó wá máa sin ẹni tó ti san lówó. Ẹ fi Data Validation ṣe orúkọ ní líìsì, kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

5/ Àpapọ̀ Gbese gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ Oja mu, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ àpapọ̀ Owo. Tí Gbese bá pọ̀ jù, owó ẹnìkan ti sọnù. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó pè é ní onígbèsè.