Ta Ló Jẹ Gbèsè Toys “R” Us?

Ọ̀rọ̀-ìṣe “yá” kì í tán nílẹ̀ ní ẹ̀ka wa. “Mo yá Bọ́lá lówó” túmọ̀ sí pé owó kúrò lápò mi. “Mo yá owó lọ́wọ́ Bọ́lá” túmọ̀ sí pé owó wọ àpò mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. “Lówó” àti “lọ́wọ́” ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà. Lẹ́yìn “yá”, “jẹ” ló kàn: ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló jẹ gbèsè. Bí a ṣe ń sọ èdè yìí, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ẹnì kan yá owó, kí ẹlòmíràn sì jẹ gbèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òwò ńlá kan wà láyé tó jẹ́ pé orí ìpínyà yẹn gan-an ló dúró lé. Òwò náà ni kí èèyàn fi owó àyálò ra odidi ilé-iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ìpínyà yẹn ni àléébù rẹ̀, kì í ṣe owó yíyá fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye rẹ̀ jẹ́ 100 mílíọ̀nù náírà. Olùrà kan mú 20 mílíọ̀nù wá, ó ní òun máa yá 80 mílíọ̀nù tó kù. Títí dé ibí, kò sí ohun tójú ò rí rí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé orúkọ olùrà kọ́ ni báǹkì máa kọ sínú ìwé gbèsè. Olùrà á dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, èyí tí kò ní nǹkan kan ju orúkọ lọ. Ilé-iṣẹ́ olórúkọ lásán yìí ló máa yá owó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí rírà, wọ́n á pa òun àti ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ti di onígbèsè 80 mílíọ̀nù. Ààrò rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ ti di ohun ìdúró. Èrè orí búrẹ́dì ni wọ́n á máa fi san èlé. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, 20 mílíọ̀nù ni olùrà pàdánù. Oníbáǹkì kò lè wá kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Kí ló dé tí olùrà kò fi san gbogbo owó náà fúnra rẹ̀, bó bá tilẹ̀ ní in? Ká sọ pé ó tún ilé-iṣẹ́ náà tà ní 120 mílíọ̀nù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Tó bá jẹ́ owó ara rẹ̀ ló san pátá, ó jèrè 20 lórí 100. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 20 mílíọ̀nù péré ló mú wá, tó san gbèsè 80 kúrò, 40 mílíọ̀nù ló kù sí i lọ́wọ́. Owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n tún máa ń yọ èlé kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ìyẹn ni pé ìjọba pàápàá ń bá olùrà gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Àwọn tó sọ èyí di iṣẹ́ òòjọ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà: KKR, Bain Capital, Blackstone àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìwọ̀nba ni tiwọn nínú owó tí wọ́n ń mú wá gan-an. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú rẹ̀. Nínú àdéhùn tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n máa ń gba nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ́dọọdún fún àbójútó, wọ́n á sì mú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún èrè. (Ẹ̀yin ọmọ Manchester United, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ìdílé Glazer kì í ṣe irú ilé-iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà ra kílọ́ọ̀bù yín ní 2005, tí kílọ́ọ̀bù tí kò jẹ gbèsè fi dédé di onígbèsè.)

Ọdún 2005 yẹn kan náà ni KKR, Bain Capital àti Vornado, tó jẹ́ oníṣòwò ilé àti ilẹ̀, para pọ̀ ra Toys “R” Us, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Wayne, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Iye tí wọ́n rà á jẹ́ 6.6 bílíọ̀nù dọ́là. Nǹkan bí 1.3 bílíọ̀nù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú wá. Èyí tó kù, gbèsè ni, orí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n rà ni wọ́n sì gbé e lé.

Láti ìgbà náà, èlé tí ilé-iṣẹ́ yìí ń san lọ́dọọdún lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ rántí pé ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ bá Amazon àti Walmart figagbága nígbà náà gbọ́dọ̀ tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, kó kọ́ ojúlé tó dára sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì tún ẹ̀dínwó ṣe fún oníbàárà. Owó tí wọn ì bá fi ṣe é ń lọ sọ́dọ̀ ayánilówó. Àwọn olùrà fẹ́ ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà fún gbogbo èèyàn kí wọ́n lè jáde. Wọ́n fi ìwé sílẹ̀ fún un ní 2010, wọ́n yọwọ́ ní 2013. Wọ́n wá ń yá owó tuntun láti fi san ti àtijọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá gbèsè ti fẹ́ pa ilé-iṣẹ́ kan, kò sì gba kéèyàn kàwé nípa ìṣirò owó. Ẹ wo èrè tó rí lórí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó san èlé, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé ọdún yẹn. Tí èrè bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin èlé, ó ń mí. Tí wọ́n bá dọ́gba, ẹlòmíràn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní ọdún ìṣúná 2016, Toys “R” Us ta ọjà tó tó 11.5 bílíọ̀nù dọ́là. Èrè orí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 460 mílíọ̀nù. Èlé jẹ́ 457 mílíọ̀nù. Mílíọ̀nù mẹ́ta ló kù, fún ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 1,500 káàkiri ayé. Èmi kò mọ iye òrùlé tí ìyẹn lè tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló wá tì í ṣubú. Ní oṣù September 2017, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ náà ń wá ọ̀nà láti tún gbèsè rẹ̀ tò. Àkókò náà burú, torí ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré máa ń kó ọjà Kérésìmesì jọ, àwìn ni wọ́n sì fi ń kó o. Bí àwọn tó ń kó ọjà fún un ṣe gbọ́, wọ́n ní kó san owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé ọjà. Owó náà kò sí. Ní 18 September, wọ́n sáré lọ sílé ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn ayánilówó. Kérésìmesì yẹn kò dára fún wọn. Ní March 2018 wọ́n kéde pé àwọn máa ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn ní Amẹ́ríkà pa, ní òpin June ó parí. Charles Lazarus tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkéde yẹn. Ẹni 94 ọdún ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé sọ pé mò ń di ẹ̀bi ru àwọn olùrà, pé Amazon ló pa Toys “R” Us. Ó ní kí n lọ wo ilé ìtura Hilton. Ó tọ̀nà nípa Hilton. Blackstone rà á ní 2007, nǹkan bí 26 bílíọ̀nù dọ́là ni, owó àyálò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjà ayé dojú rú. Àwọn ayánilówó gbà láti dín gbèsè náà kù ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà sì gbòòrò sí i. Nígbà tí Blackstone fi máa jáde ní 2018, èrè rẹ̀ wà lára èyí tó tóbi jù tí irú òwò yìí ti mú wá rí. Mi ò jiyàn. Owó yíyá lè gbé ilé-iṣẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé nígbà tí Hilton yọrí, olùrà ló kó èrè. Nígbà tí Toys “R” Us kò yọrí, àwọn olùrà pàdánù ohun tí wọ́n mú wá, òótọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí kò fọwọ́ sí ìwé gbèsè kankan ló pàdánù iṣẹ́.

Àwọn baba wa mọ ohun tó jọ èyí. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Bàbá lè yá owó, kó fi ọmọ rẹ̀ sìn lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ni èlé. Ọjọ́ tí bàbá bá dá owó padà ni ọmọ tó lè padà sílé. Mi ò ní ká máa ṣàárò ìwọ̀fà, ìyà ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bàbá ló ṣì jẹ gbèsè. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì í. Nínú òwò tí mo ń sọ yìí, ọmọ ló ń sin èlé, òun náà ló tún máa wá owó tí bàbá yá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ló pàdánù iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò sì fún wọn ní owó ìdágbére. Nígbà tí dúkìá bá di títà, ayánilówó tó ní ohun ìdúró ló kọ́kọ́ ń gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò jókòó sílé. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, wọ́n lọ bá àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì tí KKR ń ná, wọ́n ṣe ìwọ́de. Ní November 2018, KKR àti Bain gbé 20 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún wọn. Ẹ pín in sí ọ̀nà 30,000, kò tó 700 dọ́là fún ẹnì kan.

Ìpínlẹ̀ New Jersey wá ṣòfin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2023: ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá dá ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ dúró gbọ́dọ̀ san owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ ti lò. Òfin tó dára ni, àmọ́ kò fọwọ́ kan gbèsè fúnra rẹ̀. Èyí tó fẹ́ fọwọ́ kàn án ni àbá tí Sẹ́nétọ̀ Elizabeth Warren gbé wá ní 2019. Ó ní kí olùrà tó darí ilé-iṣẹ́ bá a jẹ gbèsè tó gbé lé e lórí. Àwọn olùrà pariwo pé bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní ra ilé-iṣẹ́ mọ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá lè ra nǹkan àfi tí ẹlòmíràn bá bá a jẹ gbèsè rẹ̀, kò tíì ní owó tó máa fi rà á. Àbá náà kò tíì di òfin.