Ẹ Má Kọ́ Wọn ní 99 Láìsọ Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àsọ̀rọ̀àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo. Irú ọ̀rọ̀ àìlàdí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìṣirò tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀kan nínú wọn ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Ó jẹ mọ́ dẹ́símà alátùnwí, ìyẹn dẹ́símà tí àwọn nọ́ńbà kan ń tún ara wọn sọ nínú rẹ̀ láìlópin, bíi 0.3636... Bí wọ́n bá ní kí a sọ ọ́ di ìdá, ohun tí ọ̀pọ̀ wa há sórí ni pé: "Kọ 36 sókè, kọ 99 sísàlẹ̀, ó parí." Bí ọmọ kan bá béèrè ibi tí 99 ti wá, wọ́n á ní òfin ni.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò di olùkọ́ lọ́la tún fi òfin yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìla ìdí rẹ̀. Ìdí náà kò le rárá. Èyí tó tilẹ̀ dùn mọ́ wa nínú jù ni pé èdè wa ti fi ìdí náà sínú orúkọ tí ó sọ nọ́ńbà ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a pe dẹ́símà wa ní x:

x = 0.363636...

Nọ́ńbà méjì ló ń tún ara wọn sọ, 3 àti 6. Nítorí náà, a óò sọ x di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kí pọ́íǹtì lè sún ní àyè méjì:

100x = 36.363636...

Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn pọ́íǹtì nínú méjèèjì. Ìrù kan náà ni. A ti mú 36 kan kúrò nínú ìrù náà, síbẹ̀ kò kúrú sí i, nítorí pé kò lópin. Bí a bá wá yọ x kúrò nínú 100x, ìrù yóò pa ìrù rẹ́, 36 nìkan ni yóò sì kù:

100x − x = 36
99x = 36
x = 36/99

Ibi tí 99 ti wá nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún x ni a ní, a sì yọ ẹyọ x kan kúrò. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tó kù? Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún: ọgọ́rùn-ún tí ó dín ọ̀kan. Ọmọ tó bá tẹ́tí sí orúkọ yìí dáadáa ti gbọ́ ìyọkúrò náà tán kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì. Bí nọ́ńbà tó ń tún ara wọn sọ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ó dín kan ni yóò wà nísàlẹ̀, ìyẹn 999.

Ó ku kí a dín ìdá náà kù. Mẹ́sàn-án pín 36, ó di 4. Ó pín 99, ó di 11. Ìdáhùn wa ni 4/11, ìdá mẹ́rin nínú mọ́kànlá. Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kó pín 4 sí ọ̀nà 11 fúnra rẹ̀. Mọ́kànlá wọ inú 40 lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣẹ́ ku 7. Ó wọ inú 70 lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ṣẹ́ ku 4. A tún ti padà sí 4 tí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 3 àti 6 yóò máa yí po títí láé.

Àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi gbogbo wàhálà yìí ṣe, ṣé 0.36 kò tó ni? Kò tó. 36/100 ni 0.36, kì í ṣe 36/99. Bí ẹnì kan bá ní ìdá mẹ́rin nínú mọ́kànlá nínú òwò kan, tí èrè òwò náà sì jẹ́ ₦1,100,000, ₦400,000 ni ó tọ́ sí i. Bí akọ̀wé bá fi 0.36 ṣírò rẹ̀, ₦396,000 ni yóò gbé lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ti sọnù sínú ìrù tí akọ̀wé gé.

Ibi tí àhásórí ti ń já ènìyàn sílẹ̀ gan-an ni ibi tí kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ń tún ara wọn sọ. Ẹ wo 0.1666... Ẹni tó há òfin sórí yóò kọ 16/99, ṣùgbọ́n 0.1616... nìyẹn. Ẹlòmíràn á kọ 16/90, ìyẹn náà sì jẹ́ 0.1777... Ẹni tó mọ ìdí kò ní kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Yóò wá ìlọ́po méjì tí ìrù wọn dọ́gba:

100x = 16.666...
10x = 1.666...

Yóò yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, yóò sì rí i pé 90x = 15. Nítorí náà x jẹ́ 15/90, ìyẹn 1/6, ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ tún gbọ́ orúkọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn: àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún tí ó dín mẹ́wàá. Ohun tí a ṣe gẹ́lẹ́ ni: a yọ 10x kúrò nínú 100x.

Àmì kan wà tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì tán, tí ìrù ṣì wà lẹ́yìn pọ́íǹtì, ìlọ́po tí a mú kò bá a mu. Bí a bá fi 10 dípò 100 sọ 0.3636... di púpọ̀, 9x = 3.2727... ni a óò rí. Ìrù kò pa ìrù rẹ́. Bákan náà ni ọgbọ́n yìí kò wúlò fún dẹ́símà tó dúró. Bí ó bá jẹ́ 0.3636 tó parí síbẹ̀ ni, 3636/10000 ni, kò sì sí 99 kankan nínú ọ̀ràn rẹ̀. Àmì kókó tí a ń fi sórí nọ́ńbà tó ń tún ara wọn sọ ni kí a máa wò. Ẹ̀rọ ìṣirò kò lè fi ìrù tí kò lópin hàn, ó máa ń gé e ni.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ní àkókò kò sí nínú yàrá ìdánwò, pé òfin ló yá jù. A kò bá wọn jà. Ẹni tó bá ti mọ ìdí lè lo òfin bó ṣe wù ú, nítorí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó há a sórí nìkan ni 0.1666... ń bá lójijì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ kọ́ni, ìlà méjì péré ni a bẹ̀ yín fún: kí ẹ kọ x, kí ẹ kọ 100x sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn pe ohun tó ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n ti la ìdí rẹ̀.