Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má dárúkọ ilé Ìbàdàn kọ́ ló máa fọwọ́ síwèé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ wà nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ni ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún mọ̀ nípa ogún. Ẹ má bínú, òfin ogún gan-an ni mo ń kọ ìwé ọ̀mọ̀wé lé lórí ní Ìlú Ọba níbí. Ohun tó ń bí mi nínú ni gbólóhùn kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa ní gbàrà tí wọ́n bá ti sìnkú tán: "Ilé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn o. Ilé Ìbàdàn ò kàn wọ́n."

Ó kàn wọ́n. Nígbà kan, ẹ lè rí nǹkan sọ. Òfin àtijọ́ máa ń bèèrè ibi tí olóògbé kà sí ilé rẹ̀ gan-an, ibi tó ní lọ́kàn láti padà sí. Bàbá tó bá ń sọ lójoojúmọ́ pé "mo ń lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀," lọ́yà lè bá a jà pé ọmọ Nàìjíríà ṣì ni lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn yẹn náà kì í wúlò mọ́ tó bá ti gbé ibí ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú ogún. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ọdún ni wọ́n ń kà. Tí èèyàn bá ti gbé Ìlú Ọba fún ọdún owó-orí mẹ́wàá nínú ogún tó ṣáájú ọdún tó kú, gbogbo ohun tó ní, níbi yòówù kó wà láyé, ló wọ inú ìṣirò owó-orí ogún níbí. Ilé Akóbọ̀ wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ Mówè wọ̀ ọ́.

Kì í sì í tán lọ́jọ́ téèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Màmá tó bá lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí, tó fẹ̀yìn tì, tó wá padà sí Abẹ́òkúta, òfin ṣì ń tẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá, ọdún mẹ́ta ni tirẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan gòkè. (Àwọn tó ti kúrò níbí kí òfin tuntun tó dé, ìlànà tiwọn yàtọ̀, kí wọ́n bi lọ́yà. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà náà, ẹ má bá mi jà: lọ́dọ̀ yín, ọmọ ilẹ̀ náà tó bá kú ní 2026 lè fi mílíọ̀nù 15 dọ́là sílẹ̀ kí owó-orí ogún ti ìjọba àpapọ̀ tó kàn án. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́bí wọn, tí mo máa ń pè ní Àǹtí, gbà kí n sọ ọ́, mo kàn sún àwọn iye owó síwá sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá wọn kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, kò ṣe ìwé ìhágún, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó pọ́n-ùn 480,000, kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Owó báńkì jẹ́ 40,000. Ilé Akóbọ̀ ní Ìbàdàn, tí a bá ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn ní ọjọ́ tó kú, tó 90,000, ilẹ̀ Mówè sì jẹ́ 15,000. Ẹ yọ 5,000 fún gbèsè àti ìsìnkú, ó ku 620,000.

Nínú iye yìí, pọ́n-ùn 325,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí. Wọ́n tún ń fi 175,000 kún un tí ilé tí olóògbé gbé bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Ọmọ ni mo wí o. Àbúrò olóògbé tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000. Ohun tó lé jẹ́ 120,000, owó-orí sì jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn pọ́n-ùn 48,000.

Tí wọ́n bá yọ ilé Ìbàdàn àti ilẹ̀ Mówè kúrò ńkọ́? Ohun tó lé á di 15,000, owó-orí á di 6,000. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, pọ́n-ùn 42,000, ni ohun tí àwọn bàbá ń pè ní ọgbọ́n.

Àwáwí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú wá ni àṣà. Wọ́n á ní àṣà Yorùbá ló ń pín ilẹ̀ Yorùbá, yálà ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, kò sí òyìnbó tó lè dá sí i. Òótọ́ ni pé òfin ibi tí ilẹ̀ wà ló ń sọ ẹni tó máa jogún ilẹ̀ náà, kódà àwọn ilé ẹjọ́ ibí gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ń pín nǹkan yàtọ̀ sí òfin tó ń gba owó-orí lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣírò owó-orí kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan; bóyá ẹ pín in sí ìdí mẹ́ta tàbí orí mẹ́ta, 48,000 yẹn ò ní yí padà.

Wọ́n á tún ní, "Ilé ẹbí ni." Ibí yìí ló yẹ ká ti fara balẹ̀, torí ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti tọ̀nà. Tó bá jẹ́ ilé tí bàbá àgbà kọ́, tí gbogbo ìran wọn jọ ní, ilé yẹn kì í ṣe ti olóògbé nìkan, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á bíi tirẹ̀ lódindi. Ṣùgbọ́n ilé Akóbọ̀ yìí, owó iṣẹ́ òru ni Bàbá fi kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì àti ìwé ilẹ̀. Ní àṣà wa, lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ́ ọ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń di ti ẹbí. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú ikú ni òfin owó-orí ń wò. Ní ìṣẹ́jú yẹn, òun nìkan ló ni ín.

Ní báyìí, ta ló ń fọwọ́ síwèé? Fọ́ọ̀mù IHT400 ni wọ́n ń kún, ẹni tó bá gba àṣẹ láti bójú tó ogún ló sì ń fọwọ́ sí i pé gbogbo ohun tí òun kọ jẹ́ òótọ́. Nínú ẹbí yìí, Àǹtí ni. Bàbá kékeré tó wà ní Ìbàdàn ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Manchester pẹ̀lú ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Tí irọ́ náà bá tú, Àǹtí ni wọ́n máa pè, tó bá sì ti pín owó Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn àbúrò rẹ̀ tán, àpò ara rẹ̀ ló máa ti yọ owó náà. Tí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ ni, ogún ọdún ni ìjọba ní láti fi wá a, ìtanràn sì lè tó owó-orí náà fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ohun ìní náà bá wà lókè òkun.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?" Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí títí ó ti sú mi. Ẹ ò ní ta ilé yẹn láéláé ni? Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá tà á, tó sì fi owó ránṣẹ́ wá síbí láti fi ra ilé, báńkì àti lọ́yà tó ń ra ilé fún un á bi í níbi tí owó ti wá. Á ní ogún bàbá òun ni. Wọ́n á ní kó mú ìwé ogún wá. Nínú ìwé ogún, kò sí ilé Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tí ilé jẹ́ lọ́jọ́ ikú ni wọ́n fi ń ṣírò èrè tó jẹ nígbà tó tà á, torí owó-orí èrè náà wà. Iye yẹn gan-an ni ẹ̀yin ò kọ síbì kankan.

Tí ẹ bá ní òfin yìí le jù, mo gbà. Bàbá san owó-orí lórí owó oṣù rẹ̀ kó tó fi ìyókù kọ́lé, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sì ti fagi lé owó-orí ogún tirẹ̀ láti 1996. Ẹ kọ lẹ́tà sí aṣòfin yín, màá bá yín fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ Àǹtí ja ogun yẹn. Mo ní kó sọ fún bàbá kékeré pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ìtanràn bá dé, òun ló máa san án. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù mọ́. Bàbá yìí kan náà ló sì ń béèrè ilé Akóbọ̀ o! Ẹ sì wò ó, ní òfin ibí, tí kò bá sí ìwé ìhágún tó sọ òmíràn, ẹni tó bá gba ohun ìní tó wà lókè òkun ló yẹ kó ru ìpín owó-orí tirẹ̀. Ìpín ilé àti ilẹ̀ méjèèjì máa tó nǹkan bí 8,000 nínú 48,000 yẹn.

Ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn gbogbo irọ́ yìí ni pé "wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ wa." Àǹtí náà bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í fúnni ní ìwé púróbéètì láti fi ta ilé tàbí gba owó báńkì àyàfi tí owó-orí tó ti yẹ kó wọlé bá ti wọlé. Ikú oṣù Kẹfà, ìparí oṣù Kejìlá ni gbèdéke rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn èlé bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó-orí tó jẹ mọ́ ilé àti ilẹ̀, títí kan ti Nàìjíríà, ẹ lè pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú èlé, bí ẹ ò bá tíì tà wọ́n. Ti owó báńkì nìkan ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹbí yìí, ohun tó gbọ́dọ̀ jáde ní oṣù Kejìlá jẹ́ nǹkan bí 7,200, kì í ṣe 48,000. Bàbá sì fi 40,000 sílẹ̀ ní báńkì. Fọ́ọ̀mù IHT423 wà tí ẹ fi lè ní kí báńkì san án tààrà fún ìjọba kí púróbéètì tó jáde.

Wọ́n tilẹ̀ gbà kí ẹ yọ owó tí ìnira bíbójú tó ohun ìní òkè òkun bá fi kún ìnáwó yín, bí kò bá ti ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ lọ. Ìsìnkú náà, wọ́n ń yọ èyí tó mọ níwọ̀n. Aṣọ ẹbí àti eléré ní ìnáwó kejì kò sí lára rẹ̀ o, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ohun tó kù fún wọn ni iye ilé. Kì í ṣe iye tí àbúrò bàbá fẹnu sọ, kì í sì í ṣe iye tó máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń díye lé ilé, tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, ló gbọ́dọ̀ kọ iye tí ọjà lè rà á lọ́jọ́ ikú gan-an, ní náírà, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn. Àǹtí ti rí ẹnì kan fún ti Ìbàdàn. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tó lè ṣe ti Mówè kí oṣù yìí tó parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sí mi.