Gbèsè Ọjà: Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Ẹ Sì Sọ Òótọ́ Fún Oníbàárà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan àwa tí a ń tà, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń rà. Bí oníbàárà bá dé, tó béèrè nǹkan, tí nǹkan náà sì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló yẹ kí ọlọ́jà ṣe?

Èsì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀: "Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀." Ó ti mọ́ wa lẹ́nu bí ìgbà tí a ń kí ènìyàn. Èmi náà sọ ọ́ títí. Ajílẹ̀ òyìnbó ni mo ń tà, pẹ̀lú irúgbìn àgbàdo. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà fún oníbàárà kan ló jẹ́ kí n jáwọ́.

Ìyá àgbẹ̀ kan ni. Ó wá ra àpò yúríà méjì, ìyẹn ajílẹ̀ funfun tó rí wóró-wóró yẹn. Ó ti tán lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n fi owó díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Wọ́n wá, kò tíì dé. Mo tún sọ bákan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá yìí gun sẹ́mìjáàn wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ọjà dé, n kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn tó kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo tó rí àpò méjì fún wọn, ìrùkẹ̀rẹ̀ ti jáde lórí àgbàdo wọn, ó tilẹ̀ ti ń gbẹ. Wọ́n gbà á nítorí owó tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Wọ́n dà á sóko, ọmọ àgbàdo kò sì tóbi sí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Yúríà tí a fi sí àgbàdo ní nǹkan bí 40 ọjọ́ sí 45 ọjọ́ lẹ́yìn gbígbìn ni àgbàdo ń lò láti fi mú ọmọ. Bí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ti jáde tó sì ti ń gbẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ajílẹ̀ yẹn lè ṣe ti kọjá. Owó tí a bá ná sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ilẹ̀ la dà á sí. Nítorí náà, kì í ṣe ọjà nìkan ni mo fà sẹ́yìn fún ìyá yẹn. Mo gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ọlọ́jà tó lè dá ọjọ́ padà.

Èrò mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Bí o bá ti gbà pé wàá mú ọjà kan wá fún oníbàárà, gbèsè lo ti jẹ, yálà ó san owó sílẹ̀ tàbí kò san. Gbèsè owó, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí a kì í kọ gbèsè ọjà?

Mo wá ya ìwé kan sọ́tọ̀, kàyé tí àwọn ọmọ ń lò nílé-ìwé. N kò da á pọ̀ mọ́ ìwé tí mo ń kọ ohun tí mo tà sí, nítorí pé ohun tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi kò tíì di títà. Ojú ẹsẹ̀ tí oníbàárà bá béèrè ni mo ń kọ ọ́, kí ó tó kúrò níwájú mi: ọjọ́ tó béèrè, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀, iye àpò, owó tó fi sílẹ̀ bí ó bá wà. Lẹ́yìn náà ni mo ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í béèrè: "Ọjọ́ wo ni ẹ gbin àgbàdo yín?" Láti ibẹ̀ ni mo ti ń ka ọjọ́ tí ajílẹ̀ náà yóò fi wúlò mọ, màá sì kọ ọ́ sí ìparí ìlà náà. Ọjọ́ tí ọjà yóò di asán fún oníbàárà ni ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àkókò òjò kan ṣe àpẹẹrẹ. Yúríà tán lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún. Mo pe ẹni tó ń kó ọjà fún mi láti Kútọ̀nú, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dé kí ó tó di ọjọ́ 20. Ènìyàn mẹ́rin wá béèrè tẹ̀lé ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ àpò 4, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ló gbìn. Obìnrin kan fẹ́ 2, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ló gbìn tirẹ̀. Bàbá kan fẹ́ 5, àmọ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ 3, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ló gbìn. Àpò 14 ni mo jẹ lápapọ̀.

Mo wo ọjọ́ obìnrin yẹn. Ọjọ́ 45 tirẹ̀ yóò pé ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, ọjà kò sì ní tíì dé. Mo sọ fún un pé: "Ẹ má dúró dè mí o. Ọjà yìí kò ní bá ọjọ́ yín. Ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí ẹ bá rí i, ẹ pè mí kí n pa orúkọ yín rẹ́." Ó rí i rà níbòmíràn, ó pè mí, mo fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìpè yẹn ṣe pàtàkì, ẹ̀yin oníbàárà. Bí ẹ bá ti rà á níbòmíràn tí ẹ kò sọ, ọlọ́jà yóò kó ọjà yín wá, yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí omi yóò fi bà á. Gbèsè mi wá ku 12.

Mo ti ní kí wọ́n kó 20 wá fún mi. Ní ọjọ́ 22, àpò 10 péré ló dé. Ibí yìí ni ìwé ti ń fi ọlọ́jà hàn. Bí mo bá wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, màá sọ pé mo ní 10 láti tà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìwé, n kò ní ẹyọ kan, mo tilẹ̀ ṣì jẹ 2. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó na owó sí mi, ó sì ní òun yóò fi díẹ̀ lé e. Àpò wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Mo ní: "Ẹ má bínú, oní-nǹkan ló ni ín." Inú bí i. Ó dùn mí pẹ̀lú, nítorí pé owó ni. Àmọ́ bí mo bá gbà á, ẹni tí mo ṣèlérí fún ni mo ń tà á mọ́ lórí.

Báwo ni mo ṣe pín 10 náà? Àpò 4 lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ọjọ́ rẹ̀ ṣì wà. Bàbá yẹn ló tẹ̀ lé e nínú ìwé, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀, ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì ti sún mọ́lé. N kò dédé fo bàbá náà. Mo pè wọ́n, mo ní: "Bàbá, ọjà tó dé kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n fún ọmọ yìí ní 3 ṣáájú? Ẹ ó gba 3 báyìí, 2 yóò kù." Bàbá gbà. Mo kọ ọ́ sí ìlà wọn pé: gbà 3, kù 2. Ẹ má ṣe pa ìlà rẹ́ tán nígbà tí ó bá ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ gan-an ni gbèsè kékeré ti ń sọnù, tí ó ń di ìjà.

Àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé: "Bí mo bá sọ òótọ́ pé kò tíì dé, oníbàárà yóò sá lọ bá ẹlòmíràn." Òótọ́ ni, àwọn kan yóò lọ. Obìnrin àpò méjì yẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà irúgbìn tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó sì mú aládùúgbò rẹ̀ dání. Ẹni tí mo fi irọ́ dá dúró lákọ̀ọ́kọ́, ìyá tó gun sẹ́mìjáàn lẹ́ẹ̀mẹta, kò tíì padà wá títí di òní. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi lé wọn.

Àwọn mìíràn ń sọ pé, "Èmi kò mọ ìwé kọ." Kò burú. Jẹ́ kí ọmọ rẹ tó wà nílé-ìwé kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí o sì fún oníbàárà ní ìwé pélébé kan tí iye àpò wà lórí rẹ̀. Bí owó sílẹ̀ bá wà, dì í sọ́tọ̀, má fi ra ọjà mìíràn. Owó oníbàárà ni títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, dá a padà láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ọ́. Bí iye owó ọjà bá sì yí padà lọ́nà, pe oníbàárà kí ó tó gun ọ̀kadà wá.

Bí o kò bá sì mọ ọjọ́ tí ọjà yóò dé, má dá ọjọ́ kankan. Sọ pé: "N kò tíì mọ̀. Màá pè yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bóyá ó dé ni o, bóyá kò dé ni o." Kí o sì pè. Ìpè tó sọ pé "kò tíì dé" kò náni ju owó fóònù díẹ̀ lọ. Ó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ìrìn asán, ó sì ń fún un láàyè láti wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ẹ̀yin oníbàárà, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jà bá ní kí ẹ padà wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: "Ṣé ẹ ti kọ orúkọ mi? Ọjọ́ wo ni ẹ rò pé yóò dé? Ọjọ́ báyìí ni kò ní wúlò fún mi mọ́ o." Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi owó sílẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan tó túká lálẹ́ yìí, ẹ wo ara yín: ta ni ẹ jẹ ní ọjà báyìí, ọjọ́ wo sì ni ọjà náà yóò di asán lọ́wọ́ ẹni náà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.