Máàkì Tí Ó Sùn Sí Ẹ̀yìn Ìwé

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá, ó sì gbé ìwé ìdáhùn ọmọ rẹ̀ ka orí itan mi. Ìdánwò Bayọ́lọ́jì ti ìparí ọdún fún kíláàsì SS1 ni. Ní iwájú ìwé náà, bírò pupa ti kọ 37, ó sì fi òbìrí yí i ká.

"Àbúrò mi, ìwọ náà ti ṣe tíṣà rí. Bá mi wò ó. Ọmọ yìí ní òun mọ ohun tí òun kọ, pé kò lè jẹ́ 37. Bí kò bá sì pé 50, wọn ò ní jẹ́ kí ó dúró ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì."

Ọmọ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì padà.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ohun tí mo lè ṣe ni kí n yẹ̀ ẹ́ wò, n kò lè tún un máàkì. Ó bojú wò mí bí ẹni pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá ni. Bí olùkọ́ bá fún ọmọ ní 2 níbi tí ìyá ọmọ rò pé 4 tọ́ sí i, ìdájọ́ olùkọ́ nìyẹn. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò kò ní ẹnu níbẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni ó jẹ́ tirẹ̀: ṣé olùkọ́ ka gbogbo ohun tí ọmọ kọ? Ṣé gbogbo máàkì tí ó kọ sí inú ìwé wọ inú ìṣirò? Ṣé ìṣirò náà pé? Èmi tí mo ka ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì kò mọ Bayọ́lọ́jì ju bí ó ti yẹ lọ, n kò sì nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ọdún tí mo fi sin ilẹ̀ baba wa ni mo kọ́ ọ. Olùkọ́ àgbà obìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi sí ni ó máa ń mú kí àwa olùkọ́ pààrọ̀ ìwé lẹ́yìn tí a bá ti máàkì tán, kí oníkálùkù yẹ ti ẹnìkejì wò. Ìwé kan tí mo ti fún ní 31 padà wá bá mi pẹ̀lú ìlà pẹ́ńsù lábẹ́ odindi ojú ìwé kan tí n kò ṣí rárá, nítorí pé ìnkì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Màmá náà kò bá mi wí. Ó kàn gbé e sí orí tábìlì mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe sí ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni pé mo fi abala ìwé kan bo 37 náà mọ́lẹ̀. Bí ojú bá ti mọ àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ a máa wá ọ̀nà tí yóò fi dé ibẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù àti ìwé pélébé kan dání, nítorí pé a kì í kọ ohunkóhun sí ara ìwé tí olùkọ́ ti máàkì. Bí ọwọ́ kejì bá ti hàn lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́.

N kò tíì ṣe ìṣirò kankan. Mo kọ́kọ́ ń ṣí ìwé náà ní ojú kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì ń wá ohun kan ṣoṣo: ṣé bírò pupa dé ibí? Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ a máa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ojú ìwé tí kò sí ohunkóhun, kí ó lè hàn pé ojú òun dé ibẹ̀. Olùkọ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni ọmọ náà dáhùn ní apá kejì, èkínní, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀kẹfà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, ojú ìwé kan ṣófo. Ẹni tí ó ti ń máàkì láti àárọ̀, tí ó bá rí òfìfo, yóò pa ìwé dé, yóò sì fa òmíràn. Mo ṣí i. Ní ojú ìwé tí ó gbẹ̀yìn pátápátá, mo rí ìlà mọ́kànlá ní ọwọ́ ọmọ náà, "4(d)" ní òkè rẹ̀, láìsí pupa kankan níbẹ̀. Ìyàtọ̀ mẹ́rin láàrin sẹ́ẹ̀lì ewéko àti sẹ́ẹ̀lì ẹranko ni ìbéèrè náà bèèrè, ìwé ìbéèrè sì kọ ọ́ pé máàkì 4 ni.

Mo pe ọmọ náà wọlé. "Kí ló dé tí o fi kọ ọ́ síbí?"

"Àǹtí, mo fò ó ni. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, àyè ti tán níbẹ̀."

"Ṣé o kọ ọ́ sí abẹ́ 4(c) pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn?"

Ó mi orí pé òun kò kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀bi ibẹ̀ kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, láti inú wá sí ìta. Apá kìn-ín-ní jẹ́ ogójì ìbéèrè alámì, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò gba àkókò: mo ka àmì ìgbà, wọ́n jẹ́ 18, mo ka àgbélébùú pupa, wọ́n jẹ́ 22. Àpapọ̀ wọn pé 40, nítorí náà kò sí èyí tí olùkọ́ fò. Bí ó bá jẹ́ 39 ni, mi ò bá ti mọ̀ pé ìdáhùn kan wà tí ojú kò rí.

Ní apá kejì, mo da àwọn máàkì kéékèèké etí ìwé kọ sílẹ̀ lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí n tó wo iye tí olùkọ́ kọ sí ìparí rẹ̀. Ìbéèrè kìn-ín-ní ní 2, 1½, 3 àti 2½. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 9, ṣùgbọ́n 8 ni olùkọ́ kọ. Ìdajì méjèèjì ni ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ń sọnù tó ìdajì nínú ìwé ìdánwò, pàápàá bí èyí àkọ́kọ́ bá wà ní ojú ìwé kan tí èkejì sì wà ní òdìkejì. Ìbéèrè kẹta jẹ́ 7, ó pé. Ìkẹrin jẹ́ 5, ó pé, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn ìwé kúrò. Ìkẹfà ní 3, 2, 2 àti 1. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ 8. Olùkọ́ kọ 9.

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i.

Nígbà náà ni mo tó ṣí 37 tí mo bò. Mo ro iye tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ pọ̀: 18, 8, 7, 5 àti 9. Ó jẹ́ 47. Nígbà tí àṣìṣe bá jẹ́ 10 géérégé, ìdí rẹ̀ kì í sábà jìnnà. Àwọn ẹyọ iye wọ̀nyí fún wa ní 37. A ó kọ 7 sílẹ̀, a ó sì gbé 3 lọ bá 1 tí ó wà nínú 18 kí ó lè di 4. Bí ó bá gbàgbé 1 náà, ohun tí yóò kù ní ọwọ́ rẹ̀ ni 37. (Bí iye ìwé ìdáhùn àti ti ìwé àkọsílẹ̀ bá fi iye tí 9 lè pín yàtọ̀ sí ara wọn, ẹ wò bóyá ẹni tí ó dà á kọ yí nọ́ńbà méjì padà. Mo ti rí 63 tí ó di 36 rí.)

Mo kó gbogbo rẹ̀ sí orí ìwé pélébé náà: ìbéèrè kìn-ín-ní, kún un ní 1, ìkẹfà, yọ 1, àpapọ̀ iwájú ìwé, 47 dípò 37, 4(d), ojú ìwé tí ó gbẹ̀yìn, a kò tíì máàkì rẹ̀.

"Kí ni ti ìkẹfà yẹn ti jẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè. "Ṣé wọ́n ní kí o bá àwọn wá ìyẹn ni? Fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ọmọ bá gba 2 péré nínú 4 yẹn, ó di 50."

Ìṣirò rẹ̀ pé. Bí a bá dákẹ́ lórí ìkẹfà, 48 ni yóò jẹ́, 2 ni yóò sì kù. Bí a bá sọ ọ́, 47 ni, ọmọ náà yóò sì nílò 3. Mo sọ fún un pé ẹni tí ó bá ní kí olùkọ́ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kò lè yan ibi tí yóò tún ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn àjọ tí ń ṣe ìdánwò GCSE ti máa ń gba owó láti ṣe irú àyẹ̀wò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ pé máàkì lè lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ Ajé. Olùkọ́ náà kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ìwé tí ó wà ní iwájú rẹ̀ sì ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo kí i, mo fún un ní ìwé pélébé náà, n kò sì sọ ohunkóhun nípa ìdáhùn tí ọmọ náà rò pé ó dára. Ó ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí ó dé àpapọ̀, ó fi ọwọ́ lu orí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó yọ bírò pupa, ó sì ka ìlà mọ́kànlá náà níbẹ̀.

Ọmọ náà gbà ní ti ògiri sẹ́ẹ̀lì. Ó gbà ní ti ohun tí ó mú ewé ní àwọ̀ ewé. Ìkẹta tún ọ̀rọ̀ ògiri sẹ́ẹ̀lì náà sọ ní ọ̀nà mìíràn ni. Ní ìkẹrin, ó ní sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní núkílíọ́ọ̀sì, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kọ 2. Ó gé 37, ó kọ 49, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tí a fi dé ibùdókọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní kí gbogbo ẹni tí ó wà láàrin 45 àti 49 wá tún ìdánwò náà ṣe kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 37 ni, kò ní sí lára wọn. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọ náà ti ń wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ láti kàwé. Mo rí i ní àná tí ó ń dán ìdáhùn wò sórí ìwé, tí ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ ìbéèrè kejì pé: "Ẹ wo ẹ̀yìn."